Owó tí wọ́n fi ATM yọ ní Ìbàdàn lóru, èmi kọ́ ni mo yọ ọ́: ẹ bá mi wádìí ẹ̀, kí ẹ sì dá a padà fún mi ná

Sí Máníjà, ẹ̀ka Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, 2025

Ẹ káàsán sà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi ni Abọ́sẹ̀dé Ọlátúnjí, mo ń ra káṣú, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kówó sọ́dọ̀ yín. Àkáǹtì mi ló parí sí 3308, káàdì tó wà lórí ẹ̀ parí sí 4471. Ẹnì kan yọ ₦201,000 nínú àkáǹtì yìí nídìí ATM kan ní Ìwó Róòdù, Ìbàdàn, láàárín alẹ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 8 sí òru tó mọ́ Ọjọ́rú ọjọ́ 9, nígbà tí èmi àti káàdì mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mi ò yọ ọ́, mi ò rán ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó mọ píìnì mi, ọkọ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ wádìí ẹ̀, kí ẹ sì bá mi dá owó náà padà sínú àkáǹtì mi fún ìgbà díẹ̀ títí ìwádìí á fi parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun, òòyì kọ́ màámi, wọ́n ṣubú lójú ilé, a sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ló lọ sókè. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú fóònù mi ti kú, iná ò sí látàárọ̀, ń ò sì ráyè wá ibi tí mo máa ti ṣájì ẹ̀. Wọ́n ní kí n san ₦15,000 kí wọ́n tó gbà wọ́n síbùsùn, mo fi káàdì mi san án lórí POS ọsibítù, aago 10:47 alẹ́ ló wà lára ríṣíìtì. Lóru, dókítà kọ oògùn tí wọn ò ní níbẹ̀, mo bá rìn lọ sílé oògùn tó wà níwájú géètì tí kì í tì, mo fi káàdì yìí kan náà san ₦6,400 níbẹ̀, aago 12:31 òru ló wà lára ríṣíìtì tiẹ̀ náà. Méjèèjì ló wà lọ́wọ́ mi, mo ti so fọ́tò wọn mọ́ ìwé yìí.

Ọkàn mi ò sí lórí owó rárá lóru yẹn, kí màámi ṣáà lajú ni. Aago márùn-ún àárọ̀ kọjá kí nọ́ọ̀sì kan tó yá mi ní ṣájà, bí fóònù yẹn ṣe tàn báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra, mo rò pé àwọn èèyàn wa ló ń pè láti béèrè màámi, àṣé alẹ́ọ̀tì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n yọ ₦20,000, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì gé ₦100 mọ́ ọn torí ẹ̀rọ bánkì míì ni. Márùn-ún àkọ́kọ́ bọ́ sáàárín aago 11:46 sí 11:54 alẹ́, márùn-ún ìkejì bọ́ sáàárín aago 12:02 sí 12:10. Ohun tí wọ́n kọ sára gbogbo wọn rèé:

```
ATM WDL IWO ROAD IBADAN NGN20,000.00
```

Ẹ wo aago yẹn dáadáa sà. ₦100,000 ni káàdì mi lè yọ lójúmọ́ nídìí ATM. Ẹni yẹn yọ ọ́ tán kí aago méjìlá tó lù, ó dúró kí ọjọ́ yí, ló tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe ẹni tí owó kán lójú.

Ohun tó wà nínú àkáǹtì mi kí n tó sanwó ọsibítù jẹ́ ₦268,900. Mo san ₦15,000, ó ku ₦253,900. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ₦20,100 jẹ́ ₦201,000, ó ku ₦52,900. Mo wá ra oògùn ₦6,400, ó ku ₦46,500 tó wà níbẹ̀ dòní. Ẹ gbé sítétímẹ́ǹtì mi wò, ẹ̀ẹ́ bá a bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí ni pé nígbà tí mo dé ọ́fíìsì yín láàárọ̀ àná, àbúrò kan níbi tí wọ́n ti ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn sọ fún mi pé káàdì mi àti píìnì mi ni wọ́n lò, pé tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ èmi ni mo yọ ọ́ tàbí kí n ti fún ẹlòmíì. Kò tiẹ̀ gba ríṣíìtì tí mo nà sí i. Sà, káàdì mi wà nínú POS ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago 10:47, ó tún wà nínú POS ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago 12:31, báwo ló ṣe máa wà ní Ìwó Róòdù ní aago 12:10? Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ló wà láàárín méjèèjì. Ìbàdàn sí ibí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí mọ́tò bá tiẹ̀ ń fò, kò lè dé. Mi ò nílò ẹlẹ́rìí kankan lórí èyí, ìwé tiyín gan-an ni ẹlẹ́rìí mi, kọ̀mpútà yín ló kọ aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.

Èrò mi ni pé wọ́n ṣe ẹ̀dà káàdì mi ni. Mo sì rò pé mo mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ọjọ́ 4 oṣù yìí mo yọ ₦10,000 nídìí ATM tó wà níta ẹ̀ka yín níbí, èyí tó sún mọ́ géètì, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹnu ibi tí a ti ń ki káàdì bọ̀ ń mì, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ ló rí lọ́wọ́ mi, mo ní láti tì í kí káàdì tó wọlé. Mo rò pé ẹ̀rọ ti gbó ni, mo gbowó mi mo bá tèmi lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀mpútà ní LAUTECH ló là mí lójú lánàá pé àwọn olè máa ń lẹ ẹnu ayédèrú mọ́ ẹnu gidi, tí á máa ka ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn káàdì, wọ́n á wá fi kámẹ́rà kékeré sórí ibi tí ọwọ́ wà kí wọ́n lè rí píìnì. Ó ní ṣíìpù tó wà níwájú káàdì le láti ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà dúdú yẹn ò le. Mi ò sọ pé ó dá mi lójú pé bó ṣe rí nìyẹn, ẹ̀yin lẹ lè rídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan lọ yẹ ẹnu ẹ̀rọ yẹn wò lónìí, torí àwọn olùkọ́ àti àwọn màmá ọlọ́jà tó ń tò síbẹ̀ pọ̀, kó má lọ jẹ́ pé tiwọn náà ti wà lọ́nà.

Aago 5:34 àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo pe nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn káàdì, wọ́n bá mi bulọ́ọ̀kù ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù yín. Ẹni tó gbé e ní nọ́ḿbà ẹ̀sùn mi máa wọlé sórí fóònù, títí mo fi ń kọ ìwé yìí mi ò rí i.

Nínú ìwádìí yín, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ bánkì tó ni ẹ̀rọ Ìwó Róòdù yẹn bóyá ṣíìpù ni ẹ̀rọ náà kà tàbí ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì nìkan, torí ìyẹn nìkan lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì fún yín ní àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ náà fún wákàtí yẹn. CBN ló sọ pé kí kámẹ́rà máa wà nídìí ATM, kí wọ́n yọ àwòrán láti aago 11:40 alẹ́ sí 12:15 òru, kí wọ́n tètè yọ ọ́ o, kí àwòrán míì má baà lọ gorí ẹ̀. Ẹ bá mi yọ tiyín náà ní Tákíé, ti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀ẹ́ rí mi nínú aṣọ àdìrẹ búlúù, kí ẹ wo ẹni tó sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn ṣáájú mi àti lẹ́yìn mi.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Gbogbo owó yẹn kì í ṣe tèmi sà. Àsìkò káṣú la wà yìí, mo ti kó ẹrù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ₦160,000 ni gbèsè wọn lọ́rùn mi, Àbámẹ́ta ọjọ́ 12 ni mo dá fún wọn. Ẹni tó ra káṣú lọ́wọ́ mi ti sanwó tiẹ̀ sínú àkáǹtì yìí lọ́jọ́ Ajé, owó yẹn gan-an ni wọ́n kó lọ. Àgbẹ̀ tó bá ti retí owó tí kò rí i, kò ní tajà fún mi mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, á sì sọ fún èkejì. Màámi sì wà lórí ibùsùn síbẹ̀, wọ́n ti ń béèrè owó míì lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ₦201,000 náà padà sínú àkáǹtì mi fún ìgbà díẹ̀, owó tí wọ́n gé sí i wà nínú ẹ̀, kó tó di Àbámẹ́ta. Mo gbà, màá sì fọwọ́ síwèé sí i, pé tí ìwádìí bá parí tó sì fi hàn pé èmi ni mo jẹ̀bi, kí ẹ yọ ọ́ padà láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Tí kò bá ṣeé ṣe kí ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fún mi ní ₦160,000 tí màá fi san ti àwọn àgbẹ̀ yẹn ná, kí ìyókù dúró de ìwádìí.

Mo ti fi ẹ̀sùn sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ yìí, mo ti lọ búra sínú ìwé ní kóòtù, ẹ̀dà méjèèjì wà pẹ̀lú ìwé yìí. Káàdì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò gé e, mi ò sọ ọ́ nù, tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò màá mú un wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ dá mi lóhùn nínú ìwé, kí nọ́ḿbà ẹ̀sùn wà lára ẹ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí mo lè retí àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń bá ara wa bọ̀ o, mi ò fẹ́ kó di ìjà, ṣùgbọ́n tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ò tíì yanjú ẹ̀, màá kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbèjà àwọn kọ́sítọ́mà ní CBN, màá sì so gbogbo ìwé wọ̀nyí mọ́ ọn.

Nọ́ḿbà fóònù mi tó wà lórí àkáǹtì náà ni kí ẹ fi pè mí, ó ti tàn báyìí, mi ò sì ní jẹ́ kó kú mọ́. Lọ́la Ẹtì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, màá wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín pẹ̀lú káàdì àti ríṣíìtì méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ ṣé sà.

Abọ́sẹ̀dé Ọlátúnjí
Àkáǹtì tó parí sí 3308