Ẹ Kú Ìfẹ̀yìntì, Màmá Wa

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá ọdún 26.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, àwa méjì nínú àwọn tó fọwọ́ sí káàdì yìí ṣì wà ní kíláàsì kejì, ẹ sì máa ń lé wa kúrò lórí ilẹ̀ tútù. A ti wá di olùkọ́ báyìí, ẹ ò tíì yéé lé wa. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná!" Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Ọ̀gá àgbà pàápàá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ara wọn rí, bàtà lọ́wọ́, wọ́n ń retí kí Màmá ní kí wọ́n kọjá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ ti ń dé. A ò mọ bí ohun tí ẹ ń ṣe kí agogo tó lù ṣe pọ̀ tó, àfi ìgbà tí orúnkún dá yín dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, a ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ kékeré káàkiri, àṣé àpò aṣọ iṣẹ́ yín ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ní ọjọ́ kẹrin, olùkọ́ ìṣirò fọwọ́ ara rẹ̀ gbá kíláàsì tirẹ̀. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ yín rọrùn, ìgbálẹ̀ ni olùkọ́ náà ń nà sí i.

Ti àwọn ọmọ gan-an la fẹ́ sọ. Ọmọ tó bá tọ̀ sára kì í lọ bá olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ló ń sá lọ. Ẹ ó ti nu ilẹ̀, ẹ ó ti wá aṣọ gbígbẹ fún un nínú àpótí tí ẹ ń kó nǹkan tó sọnù sí, a ò sì ní gbọ́ kíní kan. Ọ̀kan lára wọn tó ti wà ní yunifásítì báyìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tirẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin ò sọ fún ẹnì kankan. Inú àpótí yẹn náà la ti rí eyín ọmọ kan tí ẹ fi bébà wé, tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára kó má bàa sọ nù.

Ẹ lọ sinmi, Màmá. Ẹ sùn títí oòrùn yóò fi bá yín lórí ibùsùn. Ọlọ́run á fún orúnkún yẹn lókun. Ẹ ó jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín pẹ́, ẹ ò ní fi owó ìfẹ̀yìntì ra oògùn.

Bí ẹ bá wá kí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo abẹ́ àga. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín ti ń pariwo "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná" o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì bà wá.

Àwa ọmọ yín,
olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo