Ẹni tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ àtàwọn tá a jọ ń ṣe é

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ẹbu gàrí àti láfún ni màmá mi fi tọ́ wa ní Ọ̀dẹ̀dá, ibẹ̀ ni mo ti mọ èèpo pákí. Pákí tí wọ́n bá ti fà tu, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bàjẹ́, torí ẹ̀ làwọn ìyá wa ṣe máa ń sáré bó o, èèpo á wá di òkìtì lẹ́yìn ẹbu, á máa rà, á máa rùn, wọ́n á dáná sun ún. Nàìjíríà ló ń gbin pákí jù lágbàáyé, ẹ wá wo bí òkìtì yẹn ṣe máa pọ̀ tó. Òun là ń sọ di oúnjẹ ẹran.

Mo kàwé nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní FUNAAB, lẹ́yìn náà mo ṣiṣẹ́ ní fíìdìmíìlì kan níbí láti 2015 sí 2022, ẹnu géètì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mò ń yẹ ọjà tó ń wọlé wò, kí n tó kúrò èmi ni mò ń kọ fọ́múlà. Mo rí i pé gbogbo ìgbà tí àgbàdo bá ti wọ́n, àwọn tó ń sin adìyẹ á fẹ́ pa oko tì. Mo tún rí i pé kò sẹ́ni tó máa ra oúnjẹ tó dáa lọ́sẹ̀ yìí tí kò dáa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn ni mo fi ń bá ara mi jà jù.

Bá a ṣe ń ṣe é, àwọn onímọ̀ ILRI, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti ṣe é ṣáájú, ó sì dúró: a ó rin èèpo, a ó fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, sáyánáìdì tó lè pa ẹran á bá a lọ, a ó sẹ́ ẹ, a ó sá a. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló ń di bíi tọ́ọ̀nù 1. Èyí tó kúnná wà fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó le wà fún ewúrẹ́ àti màlúù.

Ẹnjiníà wa, Láfẹ́ńwá ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, òun ló rọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gàrí ní Ọ̀dẹ̀dá, tí nǹkan bá bàjẹ́ a kì í dúró de Èkó. Ọ̀gá tó ń tọ́jú ìwé owó, báǹkì ló ti wá.

Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ni màmá tó ń bá wa kó èèpo jọ. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníẹbu tẹ́lẹ̀, wọ́n ti bá wọn yanjú ìjà, wọ́n ti dúró fún wọn lórí ẹ̀yáwó, tí wọ́n bá ní ẹ má da èèpo nù lónìí, kò ní di dídà nù. Ọjọ́ tí wọ́n bá bó o náà la gbọ́dọ̀ gbé e, ẹlòmíì lè ra ẹ̀rọ, kò lè ra ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn.

Àwọn olóko ní Ọ̀bàǹtokò àti ojú ọ̀nà Alábàtà ti ń rà á, wọ́n sì ń padà wá. Òjò ló ń dá wa dúró. Ẹ̀rọ tó máa mú un gbẹ lowó tẹ́ ẹ bá fi sí iṣẹ́ yìí máa rà, ẹnjiníà wa ti rọ kékeré kan, ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹbu wa, ẹ wá wò ó lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.