Nóòtì lẹ́kíṣọ̀ Ọjọ́rú: fòníkú-fọ̀ladìde, mo ti tò ó lórí-orí

Ẹ̀yin tèmi, nóòtì Ọjọ́rú rèé o. Ríkọ́dù yẹn gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá, nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ tán ó di pépà mọ́kànlá, torí ẹ mọ Mà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ìgbéyàwó, wọ́n á tún padà sídìí ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ níbi mẹ́ta, mo ti kó o jọ sójú kan, mo sì kọ ìṣẹ́jú ẹ̀ sí i fún ẹni tó bá fẹ́ fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Àwàdà nípa ọkọ wọn, mo yọ ọ́ kúrò, ẹ má bínú.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀ (ìṣẹ́jú 4, 19, 47)

Hìmógílóbìn ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ibì kan ṣoṣo ló yí padà nínú ẹ̀wọ̀n bétà tó wà lára hìmógílóbìn yìí: ipò kẹfà, níbi tó yẹ kí glutámíìkì ásíìdì wà, fálíìnì ló jókòó síbẹ̀. Ó kéré lójú àbí? Àmọ́ tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára irú hìmógílóbìn bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n á so mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa tó rí roboto tó sì rọ̀ á wá tẹ̀ bí dòjé, á tún le.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dáa ń lò tó 120 ọjọ́, ti SS ò ju bíi 10 sí 20 lọ. Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi máa ń kéré nìyẹn, tí ojú wọn sì ń pọ́n bíi tẹni tó ní ibà pọ́njú. Kì í ṣe pé wọn ò jẹun. Mà tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fàlà sí i.

KÍRÁÍSÌSÌ ÀTI WÀHÁLÀ TÓ KÙ (ìṣẹ́jú 11, 24)

Sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ ò lè gba inú iṣan tóóró kọjá, á dí i pa, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé á wá máa ro èèyàn dọ́kàn, ìyẹn ni kíráísìsì. Òtútù, òùngbẹ, ibà, làálàá àṣejù, gbogbo wọn ló ń gbé e dìde.

- Ọmọ ìkókó kì í sábà ní i kó tó tó bí oṣù mẹ́fà, hìmógílóbìn F tó gbé wá látinú oyún ló ń gbà á sílẹ̀. Tí ìyẹn bá ti ń dín kù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú.
- Ọlọ inú á bàjẹ́, kòkòrò àrùn á wá ráàyè.
- Rọpárọsẹ̀, ọmọdé pàápàá ń ní i.
- Nǹkan ọkùnrin á le fún wákàtí gbọọrọ láìrọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, mo gbọ́ yín nínú ríkọ́dù, àmọ́ pàjáwìrì ni.

JẸ́NÓTÁÌPÙ (ìṣẹ́jú 15, 33, 52)

```
AS × AS → AA, AS, AS, SS
AS × SS → AS, AS, SS, SS
AA × SS → AS, AS, AS, AS
AS × AC → AA, AC, AS, SC
```

Ibí ni gbogbo wa ti máa ń ṣìnà. Ìkan nínú mẹ́rin ò túmọ̀ sí pé tí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta ayò tiẹ̀ lọ́tọ̀, tọkọtaya AS lè bí mẹ́rin kí wọ́n má rí SS kankan, wọ́n sì lè bí méjì kí méjèèjì jẹ́ SS. C irú hìmógílóbìn míì ni, SC náà àìsàn ni o, ẹ má fi í ṣe AS.

AS fúnra ẹ̀ kì í ṣe aláìsàn. Allison ló fi hàn ní 1954 pé ó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn tó le, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò ní kí AS má ní ibà ṣá.

ÌTỌ́JÚ (ìṣẹ́jú 38)

Fólíìkì ásíìdì, pẹnisílíìnì lójoojúmọ́ fọ́mọ títí á fi pé ọdún márùn-ún, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ibà, omi dáadáa. Háídírọ́síyúríà ń mú hìmógílóbìn F pọ̀ sí i, kíráísìsì á dín kù. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn inú eegun lè wò ó sàn, àmọ́ owó ẹ̀ ńkọ́, àti ẹni tó máa bá a mu.

ÌTÀN (ìṣẹ́jú 2)

Herrick kọ nípa ẹ̀ ní Ṣikágò, 1910. Pauling àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn ní 1949 pé hìmógílóbìn gan-an ló yàtọ̀. Mà ní ọ̀pọ̀ ọmọ táwọn bàbá wa pè ní àbíkú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí ló ń ṣe wọ́n.

IBI TÍ MI Ò GBỌ́

Ìṣẹ́jú 58 sí 61, jẹnẹrétọ̀ bo ohùn wọn. Ọ̀rọ̀ gbígba ẹ̀jẹ̀ sára ni wọ́n ń sọ, mo gbọ́ “áyọ́ọ̀nù”, mi ò gbọ́ ìyókù. Mi ò fẹ́ fi orí ara mi dí i, ẹni tó bá jókòó níwájú kó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi kún un kó tó di Ọjọ́ Ajé.