Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Kànga Ẹ̀rọ Àdúgbò, Ìṣẹ́yìn, 14 oṣù Kẹta 2026

Ibi ìpàdé: Gbọ̀ngán àdúgbò
Àkókò: Agogo mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, Ọjọ́ Àbámẹ́ta
Àwọn tó wà níjókòó: Bàbá Alága, Ìyá Ọlọ́jà, Akápò, Ẹnjiníà, Aṣojú Ọ̀dọ́, Kọngílá, Akọ̀wé
Ẹni tó tọrọ àyè: Olórí ẹbí tó fún wa ní ilẹ̀

1. Ìbẹ̀rẹ̀

Ìyá Ọlọ́jà gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ilé fohùn sí i pé kí ìpàdé má kọjá agogo méjìlá ọ̀sán, kí a má sì fi iṣẹ́ kankan há ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. A ka àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù Kejì. Aṣojú Ọ̀dọ́ dábàá pé kí a gbà á wọlé, Akápò sì kín in lẹ́yìn.

2. Tábìlì iṣẹ́ tí ìpàdé tó kọjá fi sílẹ̀

Ibí yìí la ti pẹ́ jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ní kí a ka ìlà kẹta nínú tábìlì oṣù Kejì sókè. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

| Iṣẹ́ | Ẹni tí yóò ṣe é | Ìgbà | Ibi tó dé |
|---|---|---|---|
| Ọ̀rọ̀ omi tó ń jáde | Gbogbo ìgbìmọ̀ | Láìpẹ́ | A ń ṣe é lọ́wọ́ |

Wọ́n bèèrè pé ta ló ti rí Kọngílá lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Akápò rò pé Aṣojú Ọ̀dọ́ ti lọ, Aṣojú Ọ̀dọ́ ní òun gbọ́ pé Bàbá Alága ti pè é. Kọngílá fúnra rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó bi òun ní nǹkan kan.

Bàbá Alága ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, pé àwọn kò fẹ́ kí a máa nàka sí ẹnì kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ àdúgbò. Ìyá Ọlọ́jà dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ dé, ẹnì kan la ń rán, ẹni náà ló sì mọ ẹni tí yóò bẹ̀ kó tẹ̀ lé òun. Wọ́n ní lọ́jà, gbèsè tí kò lórúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ kì í padà wálé. Bàbá Alága gbà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà.

Ìpàdé fẹnu kò báyìí:

Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹnì kan péré lọ́rùn. Ẹni náà lè kó ogún èèyàn ṣe é, òun la ó bi. A kò gbọ́dọ̀ rí "gbogbo wa" tàbí "ìgbìmọ̀" nínú òpó yẹn mọ́. Gbèdéke gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń mọ ọjọ́ ọjà ju nọ́ńbà lọ. Fún ibi tí iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré la ó máa lò: *Kò tíì bẹ̀rẹ̀*, *Ó ń lọ*, *Ó dí*, *Ó parí*. Ẹni tó bá kọ *Ó dí* gbọ́dọ̀ kọ ohun tó dí i. Ẹnjiníà ní kí a fi òpó kan kún un, kí a pè é ní *Ẹ̀rí*, nítorí pé ẹnu lásán kọ́ ni a ó fi máa sọ pé iṣẹ́ parí. Ìwé, rìsíìtì tàbí fọ́tò ni yóò sọ ọ́.

3. Ìròyìn lórí omi

Kọngílá jábọ̀ pé kànga jìn ní mítà 60, pọ́ńpù sì wà ní mítà 48. Wọ́n fa omi fún wákàtí méjì lóṣù tó kọjá, lítà 1.2 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó ní omi pọ̀.

Ẹnjiníà ní kí ó ka ibi tí omi wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n dúró. Mítà 11 ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti lọ sí mítà 23 nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n bi í bóyá ó ti dúró sójú kan níbi mítà 23 yẹn. Kọngílá ní rárá, ó ṣì ń lọ sílẹ̀.

Ohun tó kọ Ẹnjiníà lóminú nìyẹn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Orí àpáta ni ilẹ̀ wa níhìn-ín. Omi abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe adágún. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń wà. Kànga lè fún èèyàn lómi tó pọ̀ fún wákàtí méjì, kó sì jẹ́ pé ohun tó ti kóra jọ tẹ́lẹ̀ ló ń tú jáde, kì í ṣe ohun tó ń wọlé. Bí lítà 1.2 bá dúró, wákàtí márùn-ún oòrùn tó dára yóò fún wa ní lítà 21,600. Èèyàn 600 la fojú bù nínú àdúgbò, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo lítà 25 lójúmọ́, lítà 15,000 ni. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá já sí ìdajì, lítà 10,800 ni a ó rí, ìjà yóò sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ó ní kí a tún fa omi fún wákàtí 24 láìdúró, kí a sì ṣe é báyìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, nítorí pé òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni omi ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù. Kànga tó bá yege lásìkò yìí kò ní já wa kulẹ̀ lóṣù Kẹjọ.

Kọngílá kọ́kọ́ ní wákàtí 24 kò sí nínú iye tí a jọ sọ. Akápò ṣí ìwé àdéhùn, ó ka ibi tí a kọ ọ́ sí. Kọngílá gbà, ó sì ní òun yóò gbé jẹnẹrétọ̀ wá fún ti òru.

4. Òpó táǹkì

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ni wọ́n da kọnkéré orí òpó. Táǹkì méjì onílítà 5,000 ni, bí wọ́n bá kún, omi inú wọn nìkan wúwo tó kílò 10,000. Ẹnjiníà ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé táǹkì gun un kí kọnkéré tó pé ọjọ́ 28, ìyẹn 24 oṣù Kẹta. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí pé wọ́n ráyè. A ní kí wọ́n fara balẹ̀.

5. Páńẹ́ẹ̀lì sólà

Mẹ́fà ni, wọ́n ti dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n kọjú sí gúúsù bó ṣe yẹ. Láti agogo mẹ́ta ọ̀sán lọ, òjìji igi máńgòrò ń bo méjì nínú wọn. Nítorí pé wọ́n so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ mọ́ra wọn, òjìji lórí méjì yóò dín agbára gbogbo wọn kù. Onígi ti gbà kí a gé ẹ̀ka, kì í ṣe kí a gé igi. Kí Aṣojú Ọ̀dọ́ fi èyí sọ́kàn.

6. Ṣálángá

Ṣálángá kan wà ní mítà 19 sí kànga. Mítà 30 ni ìwé àdéhùn wa ní kó jìnnà sí i, ó kéré tán. Onílé náà kò bínú, ó kàn ń bèèrè ẹni tí yóò bá òun gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀yìn ilé. Bàbá Alága ní àwọn yóò lọ bá a jókòó fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ àgbà sí àgbà ni, ìwé kọ́ ló máa yanjú rẹ̀.

7. Owó

Iye gbogbo iṣẹ́: ₦9,600,000. Èyí tó ti wọlé: ₦7,850,000. Èyí tó ti jáde: ₦6,420,000, nínú èyí tí ₦5,760,000 ti lọ fún Kọngílá. Ó ku ₦1,430,000 ní báńkì. Owó Kọngílá tó kù jẹ́ ₦1,440,000: ìdajì rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò wákàtí 24, ìdajì yòókù lẹ́yìn tí èsì láàbù bá jáde. Ìyẹn ni pé bí a bá san án tán lónìí, a ó jẹ gbèsè ₦10,000, a ò sì tíì fọwọ́ kan ọgbà tí a ó fi yí kànga ká. Akápò bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé tó kù san tiwọn.

8. Tábìlì iṣẹ́

| Nọ́ńbà | Iṣẹ́ | Ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀ | Gbèdéke | Ibi tó dé | Ẹ̀rí |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 | Fífa omi fún wákàtí 24 láìdúró, kí a máa wọn ibi tí omi wà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan | Kọngílá | Ìṣẹ́gun, 24/3/2026 | Kò tíì bẹ̀rẹ̀ | Ìwé tí Ẹnjiníà bá fọwọ́ sí |
| 2 | Gbígbé táǹkì méjèèjì gun òpó | Kọngílá | Ọjọ́bọ̀, 26/3/2026 | Ó dí: kọnkéré yóò pé ọjọ́ 28 ní 24/3 | Fọ́tò lórí Wásáàpù ìgbìmọ̀ |
| 3 | Gígé ẹ̀ka igi máńgòrò | Aṣojú Ọ̀dọ́ | Ọjọ́rú, 18/3/2026 | Ó ń lọ | Fọ́tò páńẹ́ẹ̀lì ní agogo mẹ́rin ọ̀sán |
| 4 | Ríbá onílé sọ̀rọ̀ lórí ṣálángá | Bàbá Alága | Ọjọ́bọ̀, 19/3/2026 | Ó ń lọ | Ìwé àdéhùn kúkurú |
| 5 | Fífi kùlọ́ráìnì fọ kànga, páìpù àti táǹkì | Ẹnjiníà | Ajé, 30/3/2026 | Ó dí: ó ń dúró de 1 àti 2 | Rìsíìtì kùlọ́ráìnì, ọjọ́ àti aago |
| 6 | Gbígbé omi lọ sí láàbù ní Ìbàdàn, kí èsì sì dé | Akọ̀wé | Ọjọ́bọ̀, 9/4/2026 | Ó dí: ó ń dúró de 5 | Èsì láàbù |
| 7 | Gbígba ₦1,750,000 tó kù | Akápò | Ọjọ́bọ̀, 2/4/2026 | Ó ń lọ | Ìwé báńkì |
| 8 | Gbígba iye owó ọgbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta | Ìyá Ọlọ́jà | Àbámẹ́ta, 28/3/2026 | Kò tíì bẹ̀rẹ̀ | Ìwé iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta |
| 9 | Fífọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ | Olórí ẹbí | Ẹtì, 27/2/2026 | Ó parí | Ìwé wà lọ́wọ́ Akápò |

Lórí nọ́ńbà 5: fún lítà 10,000 inú táǹkì, gíráàmù 770 kùlọ́ráìnì oníyẹ̀fun la nílò, irú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65%. Yóò wà nínú omi fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà a ó da gbogbo rẹ̀ nù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ tán. Kí ọmọ kankan má ṣe bu omi lọ́jọ́ méjì yẹn. Aṣojú Ọ̀dọ́ yóò ti ẹnu ẹ̀rọ pa.

Lórí nọ́ńbà 6: bí kùlọ́ráìnì bá ṣì wà nínú omi tí a gbé lọ, èsì yóò dára láìjẹ́ pé omi náà dára. Nítorí náà, a kò ní bù ú kí nọ́ńbà 5 tó di *Ó parí*. Inú yìnyín ni ìgò omi yóò wà, yóò sì dé láàbù kí wákàtí 24 tó pé. Ohun tí a ń wá ni pé kí kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá má sí nínú mílílítà 100 omi, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kó rí. Bí ẹyọ kan bá wà níbẹ̀, a kò ní ṣí ẹ̀rọ, a ó sì padà sí nọ́ńbà 4 kíákíá.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni Akọ̀wé yóò máa fi tábìlì yìí ránṣẹ́ sórí Wásáàpù. Ẹni tí gbèdéke rẹ̀ bá fẹ́ yẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. A kò ní pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́. A ó fa ìlà sí i láàrin, a ó sì kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo wa lè máa rí iye ìgbà tí iṣẹ́ kan ti sún síwájú.

9. Ìpàdé tó ń bọ̀

Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kẹrin 2026, agogo mẹ́wàá àárọ̀, níbí kan náà. Tábìlì ni a ó kọ́kọ́ kà kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Aṣojú Ọ̀dọ́ dábàá pé kí ìpàdé parí, Kọngílá kín in lẹ́yìn. Bàbá Alága ṣe àdúrà ìparí ní agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*Akọ̀wé ló kọ ọ́, Bàbá Alága sì ti kà á, wọ́n fọwọ́ sí i.*