Ọ̀rọ̀ Ìkíni Káàbọ̀ Níbi Ìsọmọlórúkọ ní Agbo-ilé Alágbẹ̀dẹ, Òjé, Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ yín dáadáa: ẹ kú ewu ọmọ! Ewu iná kì í pa àwòdì. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, ọpẹ́ ló yẹ Olúwa.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mo júbà. Mo júbà Ọba òkè tó ni òwúrọ̀ òní. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Èmi ọmọ yín tí ẹ fa máìkì lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó yẹ mí, ẹ má jẹ́ kí n ṣì í sọ.

Àyàn, ẹ rọra fọwọ́ lé e, kí n fi rí ọ̀nà kí àwọn bàbá wa.

Bàbá wa, Mógàjí agbo-ilé Alágbẹ̀dẹ, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìbàdàn kúkú ni gbogbo wa, a mọ̀ pé orí àga Mógàjí ni wọ́n ti ń gbéra kí wọ́n tó wọ ìlà oyè. Ẹ ó gbéra, ẹ ó gòkè, ẹ ó dé ibi tí Ọlọ́run kọ mọ́ yín láàyè, láìsí àìsàn. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ tẹ̀lé bàbá wá, adé á pẹ́ lórí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Bàbá Lémọ́ọ̀mù àti àwọn àlùfáà wa, as-salaamu alaikum. Ẹ kú ìdúró tì wá láti òru ọjọ́ tí ọmọ dé. Pásítọ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ bá ìyá ọmọ gbààwẹ̀ títí tí oyún fi di ọmọ, àlàáfíà Olúwa fún yín. Bàbá ọmọ ń kírun, ìyá ọmọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì sì jọ ń sọ pé àmín sí àdúrà ara wọn láti ọjọ́ yìí wá. Lémọ́ọ̀mù ni yóò ṣí ètò fún wa, Pásítọ̀ ni yóò pa á dé. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ àjòjì sí àdúrà nínú agbo-ilé yìí.

Ẹ̀yin àna wa láti Ìjẹ̀bú-Òde! Ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójò joyè. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti gbéra nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ewu ọkọ̀. Ẹ fún wa ní ìyàwó, ó tún bí ọmọ lé e. Kí la fẹ́ fi san án? Àga tí ẹ jókòó lé yẹn, àwa la tẹ́ ẹ fún yín lálẹ́ àná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní kí ẹ dìde níbẹ̀. Ìkókorè wà nílẹ̀. Ìyá kan nínú yín ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ rin ewùrà ní ilé ìdáná wa, a ò fi ṣeré.

Ìyálọ́jà wa, mo rí yín. Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò aṣọ òfì, ẹ kú ìpatì ọjà, ẹ kú ìnáwó. Kánsẹ́lọ̀ wa, ẹ káàbọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé tí bàbá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ẹ káàbọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ìyá ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ wọ àǹkárá aláwọ̀ ewé, aṣọ yín fi ayọ̀ yín hàn.

Báyìí, mo fẹ́ kí àwọn tí kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn níbi ayẹyẹ ó gbọ́ ọ lónìí.

Ìyá àgbẹ̀bí àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì méjèèjì tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde kí a rí yín. Ẹ má tijú. Ọmọ yìí gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé. Gbogbo ẹni tó wà ní yàrá ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ náà ló mọ bí ó ṣe dákẹ́ tó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì yìí ló fọwọ́ wẹ́rẹ́ tú ìwọ́ náà kúrò, ìgbà yẹn ni ọmọ tó figbe ta. Ẹ jẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ pa á dáadáa! Ẹ kò ní ṣì í ṣe o, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ dúró ti ìkòkò láti àná, mo mọ̀ pé ohùn mi ń dé ẹ̀yìnkùlé. Èéfín ò ní pa yín lójú. Ẹ̀yin dírẹ́bà tí ẹ kó àlejò wá, ẹ má jókòó sínú mọ́tò, ẹ wọlé, àga yín wà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ tẹ́ àga, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ gbé iṣu wá láti oko, ẹ̀yin aládùúgbò tí a fi ìlù dí yín létí, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ tó gbọ́ ìlù tó yà wọlé, ìwọ náà káàbọ̀. Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì, a mọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, àtonílé àtàjòjì ni a jọ gbè.

Àwọn ìbátan wa tí wọ́n ń wò wá lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù, a rí yín. Ẹni tó mú fóònù yẹn dání, jọ̀wọ́ gbé e sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí iwájú.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn ìyá àgbà mẹ́ta kan wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n wá láti oko, wọ́n sì wà lórí ìdúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní ìlà kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún wọn. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá, ẹ rọra máa bọ̀, ẹ gba ibí.

Ẹ bá mi wo orí tábìlì tó wà níwájú yìí. Aṣọ funfun ni a tẹ́ sí i. Oyin ń bẹ níbẹ̀, iyọ̀ ń bẹ, orógbó, obì àbàtà, odidi atare, ìrèké, àádùn àti ẹja gbígbẹ. Abọ́ tó wà láàárín, omi ló kún inú rẹ̀. Kànga agbo-ilé ni wọ́n ti pọn ọ́n. Ìyá Àgbà ló ní òun ò gbà kí wọ́n já píọ̀ wọ́tà sínú abọ́ ọmọ òun, omi tí bàbá ọmọ fi wẹ̀ dàgbà ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ tọ́ wò.

Nítorí abọ́ yìí ni mo ṣe gba iṣẹ́ òní. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ yóò sọ owó sínú rẹ̀, yóò pe orúkọ tó fún un, gbogbo wa yóò sì pè é tẹ̀lé e. Ipò wà lórí àga, a sì ti bọ̀wọ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ipò nídìí abọ́. Èmi ò ní ka iye owó ẹnikẹ́ni sórí máìkì. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń kígbe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tí àbúrò bàbá ọmọ tó mú igba náírà dání fi yọ́ padà sẹ́yìn, tí kò sì rí orúkọ sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí tí a fi túká. Ó dùn mí wọra. Irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ níbí. Bí ó ṣe igba náírà, bí ó ṣe àádọ́ta, bí ó ṣe àdúrà nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ, jáde wá, pe orúkọ tí o fún ọmọ sókè. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ lónìí ti di ọ̀kan nínú igba ojú náà. Àbúrò ìyá ọmọ ti mú ìwé àti bírò jókòó, gbogbo orúkọ ni yóò kọ sílẹ̀, kò ní yọ ti ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò yóò ṣe lọ. Sátidé tó kọjá ni ọmọ dé, òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Láyé àwọn bàbá wa, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ìbejì ló ń gba ọjọ́ kẹjọ. Lónìí gbogbo wa ti panupọ̀ sórí ọjọ́ kẹjọ. Obìnrin ni ọmọ wa. Àìná ni, ó ti mú ìyẹn bọ̀ láti ọ̀run, kò sẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àbísọ àti oríkì rẹ̀ ni a wá gbọ́. Bàbá bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pè é. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn tó ni ilé ló sì mọ ohun tí wọ́n wò. Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má ṣáájú wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àna wa, lẹ́yìn náà bàbá àti ìyá ọmọ, lẹ́yìn náà gbogbo ayé.

Ìyá Àgbà ni yóò gbé ọmọ jáde, yóò sì fi ohun orí tábìlì wúre fún un. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́kù sí ọwọ́ àwọn tó yẹ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni: ẹ má fẹnu kò ó lẹ́nu, ẹ má gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ má tan iná fóònù sí i lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàbí, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá láti òwúrọ̀, ó ní òun ń ṣọ́ àbúrò òun. Ẹ bá a ṣọ́ ọ.

Ẹni tó ni Tòyótà dúdú tó dí ẹnu ọ̀nà agbo-ilé, ẹ bá wa sún un síwájú díẹ̀. Àwọn tó gbé omi wá ò rí ọ̀nà wọlé. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ti jinná, ìrẹsì wà, àgbò tí a pa láàárọ̀ yìí ti wà lórí iná. Gbogbo wa la ó jẹ, láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti bá àwọn tó ń pín oúnjẹ sọ ọ́.

Àyàn, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí a dìde, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbé e. Bàbá Lémọ́ọ̀mù, máìkì rèé, ẹ gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ fún wa.