Ìlànà fún Òbí àti Òǹwòran: Bọ́ọ̀lù Ọmọdé ní Pápá Kámpọ̀sì, Erékùṣù Èkó

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú àdúrótì. Ẹ lùlù, ẹ jó, ṣùgbọ́n ẹ dúró sẹ́yìn ìlà funfun.

Kóòṣì nìkan ló ń darí ọmọ. Bí bàbá bá ń kígbe “Gbá a!”, tí kóòṣì ń pè é padà sẹ́yìn, ta ni kí ọmọ ọdún 10 gbọ́ tirẹ̀?

Ẹ má bú rẹfirí. Òfin bọ́ọ̀lù fún un láṣẹ láti dá eré dúró bí òǹwòran bá dí i lọ́wọ́. Ẹ má sì bú ọmọ ọlọ́mọ, pàápàá gólì tí bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Kò sí ọtí, kò sí tẹ́tẹ́.

Ẹni tó bá rú òfin, a ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó di ẹ̀yìn géètì. Ọmọ rẹ̀ á máa gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lọ.