Èsì wa sí ohun tí oníbàárà wa kọ nípa ínfátà 2.5kVA tí a bá wọn gbé sílé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sà.

A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2025, a kà á dé ìsàlẹ̀. A mọ̀ pé inú yín ò dùn. Ẹni tó bá na irú owó yẹn nítorí kí òkùnkùn má baà bá òun nílé, tí òkùnkùn wá tún dé, ó yẹ kó bínú. Ìta lẹ ti sọ̀rọ̀, ìta náà la ti fẹ́ dá yín lóhùn, torí àwọn tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ wa ń kà á. A ò ní dárúkọ yín, a ò ní dárúkọ àdúgbò yín, a ò sì ní gbé risíìtì yín tàbí ohun tí a jọ sọ lórí Wáásáàpù síta. Kìkì ohun tí ẹ fúnra yín mẹ́nu bà la máa fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti owó kúrò nílẹ̀ ná. Ẹ ní ₦2,600,000 lẹ san fún wa. Owó tó wọ àkáǹtì wa jẹ́ ₦1,850,000, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì san án: ₦1,300,000 kí a tó kó ọjà, ₦550,000 lọ́jọ́ tí a parí iṣẹ́, ìyẹn ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà. Ohun tí owó náà rà ni ínfátà 2.5kVA kan, bátìrì 220Ah méjì, pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400 wáàtì, ẹ̀rọ tó ń darí iná oòrùn wọ inú bátìrì, irin orí òrùlé, wáyà àti owó iṣẹ́. Bó bá ku owó kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa tí a ò kà mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn wá, a ó bá báńkì wò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá sì jẹ́ pé oníṣẹ́ mìíràn lẹ san ìyókù fún, owó yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ọjọ́ márùn-ún gbáko la ò fi gbé fóònù yín. Òótọ́ ni pé ẹ pè wá ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 6 oṣù Keje, tí ẹnikẹ́ni ò gbé e. A kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, ó sì wà lára ògiri àti lórí risíìtì bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, àwa la pè yín padà, a sì jọ sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 9, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa méjì ti wà nínú ilé yín. Ẹ kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, màdámù ló gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì fún wọn lómi mu. A dúpẹ́.

Èyí tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé bátìrì tó ti kú la tà fún yín, pé kò lo ogún ìṣẹ́jú kó tó pa. Ibí la fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀, ẹ máa bá wa bọ̀.

Kí a tó gbé ohunkóhun wá, a bá yín kọ àwọn nǹkan tí ínfátà máa gbé sílẹ̀ lórí ìwé: gílóòbù LED mẹ́fà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60 wáàtì, fáànù méjì tó jẹ́ 140, tẹlifíṣọ̀n àti dikódà tó jẹ́ 100, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ àti fóònù tí a fi 50 sí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 350 wáàtì. Lórí iye yẹn la fi sọ fún yín pé, bí bátìrì bá kún lálẹ́, tí nẹ́pà ò sì sí, ẹ máa rí iná láti aago méje sí nǹkan bí aago kan òru. Lábẹ́ rẹ̀ la kọ ọ́ sí pé fírísà, áyọ́ọ̀nù àti pọ́ńpìn maṣíìnì kò gbọdọ̀ wà lórí ínfátà, orí iná nẹ́pà tàbí jẹnẹrétọ̀ ni wọn ó máa wà. Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín.

Bí a ṣe rí wákàtí mẹ́fà yẹn nìyí, kí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ ìṣírò yẹ̀ ẹ́ wò. Bátìrì kan jẹ́ fóòtì 12, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 220, ó jẹ́ 2,640 wáàtì-wákàtí. Méjì rẹ̀ jẹ́ 5,280. Ṣùgbọ́n irú bátìrì olómi yìí, ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun kì í lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà 2,640 náà la ní láti ná. Ínfátà fúnra rẹ̀ máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀, wáyà á jẹ díẹ̀, ohun tó máa dé ara gílóòbù àti fáànù ò ju nǹkan bí 2,200 lọ. Ẹ fi 350 pín in, ẹ máa rí mẹ́fà àti èèkù díẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa dé ní Ọjọ́rú, 1,480 wáàtì ló wà lójú ínfátà, kì í ṣe 350. Wọ́n tọ wáyà náà lọ, wọ́n rí i pé fírísà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná àti pọ́ńpìn maṣíìnì inú kànga ti bọ́ sórí ínfátà. A béèrè bó ṣe jẹ́. Àwọn ará ilé yín ní oníṣẹ́ iná kan tó wá tún pọ́ńpìn ṣe ní ìparí oṣù Kẹfà ló gbé wọn síbẹ̀, torí nẹ́pà ò mú iná wá, omi sì ti tán nínú táǹkì. A ò bá oníṣẹ́ náà jà o, ilé tí ò lómi kì í ṣe ilé. Àmọ́ bátìrì ò mọ̀ pé omi ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 1,480 pín 2,200 yẹn, kò pé wákàtí kan ààbọ̀, ìyẹn tí bátìrì bá kún. Bátìrì tí a bá sì ń fà kíákíá báyẹn kì í mú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹ wá fi ti òjò oṣù Keje kún un, tí ìkùukùu ń bo oòrùn ní Ìbàdàn láti àárọ̀ dé alẹ́, tí pánẹ́ẹ̀lì ò rí oòrùn tó fi kún bátìrì. Pọ́ńpìn maṣíìnì nìkan, nígbà tó bá ń ta, iná tó máa fà máa ń jẹ́ ìlọ́po-lọ́po èyí tó ń lò tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ó sì lè mú kí ínfátà pa lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ogún ìṣẹ́jú, a ò ní kí ẹ parọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé bátìrì kọ́ ló fà á.

Ìdí tí a fi lè sọ bẹ́ẹ̀ ni pé a dán an wò níbẹ̀. Wọ́n já fírísà àti pọ́ńpìn kúrò fúngbà díẹ̀. Nẹ́pà mú iná wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó kún bátìrì, wọ́n já wáyà rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n wá fi mítà wọ̀n ọ́n. Fóòtì 12.7 ni ti àkọ́kọ́, 12.7 ni ti ìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa iná sólà àti ti nẹ́pà, wọ́n tan àwọn nǹkan tó wà lórí ìwé wa nìkan, láti aago mẹ́ta sí aago márùn-ún. Nígbà tí aago márùn-ún lù, fóòtì 24.6 ló wà lórí bátìrì méjèèjì pọ̀, iná ò ṣẹ́jú. Bátìrì tó ti kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti gbé ẹrù lé e báyìí ni fóòtì rẹ̀ máa já lulẹ̀. Màdámù dúró tì wọ́n, wọ́n sì fi fóònù ya àwòrán mítà náà, ó wà lọ́wọ́ yín nínú ilé. Nọ́ńbà tó wà lára bátìrì bá èyí tó wà lórí risíìtì mu, àti oṣù tí wọ́n ṣe é.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ní àwọn á dá wáyà fírísà àti ti pọ́ńpìn padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ láì gba kọ́bọ̀. Màdámù ní kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ti ìrìn àjò dé, ni wọ́n bá dá a padà sórí ínfátà. Ibẹ̀ ni a ti mọ ọ̀rọ̀ náà mọ títí a fi rí ohun tí ẹ kọ.

Ní ti pé ọmọ iṣẹ́ wa fi ìwọ̀sí lọ màdámù, àwa ò sí níbẹ̀, a ò ní búra. A bi àwọn méjèèjì léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sọ, pé ọ̀rọ̀ tó jáde ni "Mà, tí pọ́ńpìn yìí bá ṣì wà lórí ẹ̀, bátìrì yìí máa bàjẹ́." Màdámù nìkan ló lè sọ bó ṣe dún létí wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, a ṣe tán láti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kì í ṣe lórí àyélujára.

Ti "gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ni wọ́n ti lù ní jìbìtì", a ò ní fèsì sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, kó mú risíìtì rẹ̀ wá.

Ó wá ku ti owó tí ẹ ní a kọ̀ láti dá padà. Wárántì bátìrì jẹ́ oṣù 12, ti ínfátà jẹ́ oṣù 24. Bí bátìrì bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín àkókò yẹn, òmíràn la máa gbé wá. A ò lè dá owó ọjà tó ń ṣiṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n ohun tí a sọ fún yín lórí fóònù la ṣì ń sọ. Ẹ mú oníṣẹ́ iná tó bá wù yín, tí kò mọ̀ wá rí, kó wá dán bátìrì náà wò lórí 350 wáàtì lójú tiwa tiyín. Owó rẹ̀, àwa la ó san. Bí bátìrì ò bá gbé e dé ibi tí a kọ sórí ìwé, a ó pààrọ̀ méjèèjì, ẹ ò ní san nǹkan kan. Bó bá sì gbé e, a ó bá yín já fírísà àti pọ́ńpìn kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún lè fẹ́ kí pọ́ńpìn máa wà lórí sólà lóòótọ́, ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni, ínfátà tó tóbi ju èyí lọ ló máa gbà, a ò sì ní rọ̀ yín láti ṣe é.

Bí èyí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ fún yín láàyè láti fẹjọ́ sùn wọ́n. A ó kó gbogbo ìwé wa síwájú wọn.

A ò sọ pé kí ẹ pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí iye owó àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú wọ inú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí risíìtì yín ṣì ń lọ, a máa ń ṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta. A ti fi Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17, sílẹ̀ fún ilé yín. Bí ọjọ́ náà ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ mú òmíràn.

Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá wa kí màdámù.

Alákòóso ṣọ́ọ̀bù, Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 15 oṣù Keje, 2025